Màmá fẹ́ wá bá mi tọ́jú ọmọ ní Mánṣẹ́sítà: kí ni ká kọ sí fọ́ọ̀mù físà?

Àbẹ̀ní

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Àárín oṣù kẹjọ ni wọ́n ní mo máa bímọ, àkọ́bí mi sì ni. Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, mo fẹ́ kí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Èmi ni màá san owó ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì máa dé sí. Ajẹ́ńtì tó fẹ́ bá wa kọ fọ́ọ̀mù ní ká kọ pé ìgbafẹ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, ká má dárúkọ ọmọ rárá, ká sì béèrè oṣù mẹ́fà gbáko. Ó tún ní kí màmá wá mílíọ̀nù márùn-ún náírà fi sí báńkì, kó lo ọjọ́ 28 níbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Àbẹ̀ní, ẹ dá ajẹ́ńtì yẹn dúró ná. Fọ́ọ̀mù náà kò parí síbi ìdí ìrìnàjò. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ síwájú, wọ́n á béèrè ibi tí màmá máa dé sí, wọ́n á béèrè àwọn mọ̀lẹ́bí wọn tó wà ní Ìlú Ọba, wọ́n á béèrè ẹni tó fẹ́ sanwó, iye tó fẹ́ san, àti ìdí tó fi fẹ́ san án. Orúkọ yín ló máa jáde ní gbogbo ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ físà tó bá ka "ìgbafẹ́" lókè, tó wá rí i nísàlẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń lọ bá ti wà ní ìsinmi ìbímọ, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n fi èyí pamọ́. Tó bá pè é ní ẹ̀tàn, ó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ màmá fún ọdún 10. Ajẹ́ńtì kò ní jẹ nínú ìyà náà, torí ẹni tó ni ìwé ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó wù kó tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ohun tó yẹ ká máa fi pamọ́ níbẹ̀. Físà àlejò, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí orí gov.uk ní Standard Visitor, gba ìyá láyè kó wá kí ọmọ rẹ̀. Ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ físà ń tẹ̀ lé sọ pé mọ̀lẹ́bí lè wá bá èèyàn mójú tó ọmọ, tó bá ti jẹ́ fún ìgbà kúkúrú, tí kò sì di iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n gbà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí ìyá dé lọ́sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń padà síbi iṣẹ́. Ìgbà yẹn, lójú wọn, ìyá ti di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí ìbá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sanwó fún.

Ohun tí màmá máa kọ kò ju èyí lọ: mò ń lọ kí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń retí àkọ́bí wọn ní àárín oṣù kẹjọ, màá lo ọ̀sẹ̀ méje, ọmọ mi yóò wà nílé ní ìsinmi ìbímọ ní gbogbo àkókò tí mo bá fi wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú ọmọ, èmi yóò kàn máa ràn án lọ́wọ́. Gbólóhùn tó sọ pé ẹ máa wà nílé yẹn, ẹ má yọ ọ́.

---

Bọ̀dá Pẹ́kámù

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ọmọ yìí lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ 28 yẹn, òfin ni. Ojú ara mi ni mo fi kà á lórí gov.uk. Tí owó bá já wálẹ̀ fún ọjọ́ kan péré láàárín ọjọ́ 28 yẹn, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n sì tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti oṣù mẹ́fà, èmi gbà pẹ̀lú ajẹ́ńtì. Oṣù mẹ́fà náà ni físà máa jẹ́ bó ti wù kó rí, kí ló wá dé tí èèyàn á fi béèrè ọ̀sẹ̀ méje?

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Ohun tẹ́ ẹ kà wà níbẹ̀ lóòótọ́, Bọ̀dá. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó ń lọ kàwé ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 láìjá, tí iye rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Àlejò kò ní irú rẹ̀. Kò sí iye kan pàtó tí wọ́n kọ fún un, kò sì sí iye ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ fi sùn sí báńkì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí owó tó wà nílẹ̀ tó gbọ́ gbogbo ìnáwó ìrìnàjò náà, owó ìpadàbọ̀ wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé àlejò ń ṣiṣẹ́ tàbí ń gba owó ìjọba. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà, àwọn tó fẹ́ gbé níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ló wà fún. Kí màmá fi owó yẹn sápò.

Ẹ wo mílíọ̀nù márùn-ún tí ajẹ́ńtì ń sọ. Ká ní màmá yá a lọ́wọ́ ẹnìkan, ó wọ báńkì ní ọjọ́ kẹta oṣù, kò sì kúrò. Sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ni òṣìṣẹ́ físà máa wò. Oṣù márùn-ún ló máa rí i tí owó ń wọlé, tó ń jáde, tí èyí tó kù kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà ni òkè owó kan á yọ lójijì. Á béèrè pé ta ló ni ín, á sì wo ìwé yòókù fún ìdáhùn. Tí kò bá rí nǹkan kan, á kọ ọ́ pé òun kò gbà pé owó màmá ni. Ohun tí mo ń rí nínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìyí, ó pọ̀ ju ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré lọ.

Ti oṣù mẹ́fà, màá padà sí i. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa gbé e dé.

---

Àǹtí Hústìn

Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n múra dáadáa, kí wọ́n má fòyà níwájú fèrèsé. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe, kí wọ́n dáhùn ní gbólóhùn kan, kí wọ́n dákẹ́. Ti màmá tèmi, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wọn ò wo fáìlì rárá, gbogbo ìwé tá a kó lọ la kó bọ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Líìsì

Àǹtí, ti Amẹ́ríkà lẹ ń sọ yẹn. Níbẹ̀, fọ́ọ̀mù DS-160 àti ẹnu ẹni ló ń ṣiṣẹ́. Òfin wọn ka gbogbo ẹni tó bá béèrè físà àlejò sí ẹni tó fẹ́ dúró síbẹ̀, àfi tó bá fi òdìkejì hàn ẹni tó ń bi í léèrè, ojúkojú sì ni. Ti Ìlú Ọba kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Màmá máa lọ tẹ̀ka, wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á máa lọ sílé. Ẹni tó máa ṣèpinnu kò ní rí ojú wọn. Ìwé nìkan ni ẹnu tí wọ́n ní. Ohun tí ìwé kò bá ti sọ, kò sí ẹni tó máa bi wọ́n kí wọ́n ṣàlàyé.

---

Àbẹ̀ní

Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ni owó tó ń wọlé lóṣù, ìyẹn ₦2,400,000. Ṣé ìyẹn ni ká kọ síbi tí wọ́n ti béèrè owó-oṣù? Wọ́n tún ń dá àjọ ₦100,000 lóṣooṣù. Oṣù kẹfà ni wọ́n máa kó o, ₦1,200,000 ni. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí pé àjọ yẹn gan-an á dà bí owó àyálò.

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Ẹ má kọ ₦2,400,000. Owó ọjà nìyẹn, kì í ṣe èrè. Ẹ jẹ́ ká bá màmá ṣírò rẹ̀. Tí wọ́n bá ra aṣọ ₦1,850,000 padà láti fi tún ṣọ́ọ̀bù kún, ₦550,000 ló kù. Ẹ wá yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó ẹgbẹ́ ọjà, owó ọkọ̀ àti owó ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà. Ká pe gbogbo ìyẹn ní ₦170,000. Ó ku ₦380,000. Èyí ni owó tó wọlé fún màmá, òun ni wọ́n máa kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á béèrè iye tí wọ́n ń ná lóṣù. Tí oúnjẹ, iná, epo àti àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ wọn bá jẹ́ ₦230,000, ₦150,000 ló ṣẹ́ kù, àjọ mú ₦100,000 nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ó bá ara mu.

Èèyàn tó bá kọ ₦2,400,000 bí owó-oṣù, tí sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ sì ń fi ₦60,000 sílẹ̀ ní ìparí oṣù, ṣe ló máa dà bí ẹni tó ń parọ́. Ẹni tó sì kọ ₦380,000 láìṣàlàyé ₦2,400,000 tí wọ́n rí nínú báńkì náà kò bọ́. Nítorí náà, kí lẹ́tà màmá ní ìpínrọ̀ kan tó ń sọ ìṣírò yìí bí mo ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú rìsíìtì aṣọ tí wọ́n rà ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí iye tó wà lórí rìsíìtì sì bá owó tó jáde ní báńkì mu. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí abẹ́ tíráńsífà náà, kí ẹ kọ "aṣọ" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

---

Alájọ Bódìjà

Ti àjọ, kò yẹ kó dẹ́rù bani. Kí ẹni tó ń gba àjọ kọ lẹ́tà: orúkọ màmá, oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń dá, ọjọ́ tí wọ́n kó o, iye tí wọ́n kó, kó fọwọ́ sí i, kó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Kí ẹ ya àwòrán káàdì àjọ pẹ̀lú gbogbo àmì tó wà lórí rẹ̀. Tí màmá bá ń san ₦100,000 yẹn láti báńkì, ẹ fa ìlà sí oṣooṣù. Tó bá jẹ́ owó ọwọ́ ni wọ́n ń san, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, àmọ́ káàdì á gbè é.

Kí ìwé báńkì alájọ fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ₦1,200,000 ti jáde. Kó má ṣe kó owó fún màmá nínú ọ̀rá kí wọ́n tó wá lọ fi sí báńkì fúnra wọn.

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Mo fara mọ́ ọn. Màá fi kan kún un: tí káàdì tàbí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ Yorùbá, ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Wọn kò ní ka èyí tí wọn ò gbọ́.

---

Nọ́ọ̀sì Líìsì

Àbẹ̀ní, ẹ jẹ́ ká yí sọ́dọ̀ yín, torí ẹ̀yin lẹ máa sanwó, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí ìṣòro tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Èló ló ń wọlé fún yín, èló ló sì kù?

---

Àbẹ̀ní

Ilé àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, físà òṣìṣẹ́ ni mo ní. £2,100 ló ń wọ ọwọ́ mi lóṣù, £1,700 fún ọkọ mi. Owó ilé £950. Iná, oúnjẹ, ọkọ̀ àti gbogbo ẹ̀ tó £1,300. Mo ní £4,200 ní ìpamọ́.

---

Nọ́ọ̀sì Líìsì

Lónìí, £3,800 ń wọlé, £2,250 ń jáde, ọ̀rọ̀ yín dára. Àmọ́ kì í ṣe oṣù yìí ni màmá ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ ti wà ní ìsinmi ìbímọ. Tó bá jẹ́ pé owó ìbímọ tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni ilé iṣẹ́ yín ń san, ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ni ẹ máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa já wálẹ̀ sí owó kékeré kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 33. Ẹni tó ń ka ìwé yín mọ èyí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kó ìwé owó-oṣù £2,100 síwájú rẹ̀, tẹ́ ẹ dákẹ́, á ronú pé ẹ kò wo iwájú, tàbí pé ẹ fẹ́ kó ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ má sọ pé owó-oṣù yín lẹ máa fi gbọ́ bùkátà màmá. Ẹ sọ pé láti inú £4,200 tó wà ní ìpamọ́ ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn: ọkọ̀ òfuurufú lọ-àbọ̀ £900, oúnjẹ màmá £50 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, £350, ọkọ̀ àti aṣọ òtútù £200. Gbogbo rẹ̀ £1,450, £2,750 ṣì wà. Ẹ wá fi ìwé owó-oṣù ọkọ yín kún un kí wọ́n rí i pé owó ilé kò ní dá dúró. Lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Lẹ́tà yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì, torí òun náà ló ń gbè ohun tí Akọ̀wé sọ lẹ́sẹ̀, pé ẹ máa wà nílé.

Ẹ fi ẹ̀dà àṣẹ ìgbélùú yín sí i pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bùkátà àlejò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rú òfin ìgbélùú. Ẹ má sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì títí físà á fi jáde. Wọn ò béèrè rẹ̀.

---

Bọ̀dá Pẹ́kámù

Mo ti gbà lórí ọjọ́ 28, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń lé àwọn èèyàn wa padà, bí kò ṣe ohun tó máa fà wọ́n wálé. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, ẹ fi ìwé ilé bàbá síwájú. Ẹni tó nílé tó nílẹ̀ kò ní sá.

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Ẹ fi ìwé ilé sí i tó bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í pe èèyàn wálé. Èèyàn lè wà ní Mánṣẹ́sítà fún ọdún mẹ́wàá kí ilẹ̀ rẹ̀ máa dúró dè é ní Àkànrán. Ohun tí òṣìṣẹ́ físà ń wá ni ohun tó máa bàjẹ́ tí màmá ò bá padà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ṣọ́ọ̀bù ni.

Èyí ló mú mi padà sí oṣù mẹ́fà. Ẹni tó kọ sójú ewé kan pé ṣọ́ọ̀bù òun ni oúnjẹ òun, tó wá kọ sójú ewé kejì pé òun máa fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni pé físà tí wọ́n máa fún wọn lè jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí màmá sọ pé àwọn máa dé àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Ọjọ́ méjì yìí ni wọ́n ń fi wọn wò.

Ẹ fi ọjà fúnra rẹ̀ dá ọjọ́. Wọ́n dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, wọ́n padà ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ìdí rẹ̀ ni pé láti oṣù kẹwàá ni àwọn aláṣọ ti ń kó ọjà ọdún Kérésìmesì. Kí màmá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó máa ta ọjà dè wọ́n, iye ọdún tó ti wà lọ́dọ̀ wọn, àti ìdí tí kò fi lè kó ọjà ọdún fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù tọdún yìí sí i, lẹ́tà ẹgbẹ́ aláṣọ tó sọ ọdún tí wọ́n ti wà lọ́jà, àti fọ́tò ṣọ́ọ̀bù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Tí bàbá bá wà nílé tàbí tí àbúrò yín kan ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e.

---

Ìyá Ìbejì

Ọ̀sẹ̀ méje kéré jù. Tí ọmọ bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde ńkọ́? Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àbẹ̀ní ńkọ́? Ìgbà tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ìyá á ti máa di ẹrù. Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tàbí méjìlá ló tọ́, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Líìsì

Mo rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ, mà, èmi náà sì ti ń rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò burú tí ìdí bá wà, àmọ́ ó máa wọ oṣù kẹwàá tí wọ́n ní ọjà ń pe màmá. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí padà nínú méjèèjì. Tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí àṣẹ ìdúró wọn ṣì gbà wọ́n láyè, dídúró díẹ̀ sí i kò rú òfin, ṣùgbọ́n kí ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn, torí wọ́n á rántí rẹ̀ nígbà tí màmá bá tún béèrè físà.

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Èmi ṣì dúró lórí ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé Ìyá Ìbejì kò ní gbà.

---

Àbẹ̀ní

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Ní ọdún 2018, màmá béèrè físà Amẹ́ríkà, wọn ò sì fún wọn. Páspọ́tù yẹn ti kú, wọ́n ti gba tuntun. Ajẹ́ńtì ní ká tẹ "rárá" níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti fi físà dù wọ́n rí, pé ilẹ̀ mìíràn ni, Gẹ̀ẹ́sì ò lè mọ̀.

---

Akọ̀wé Dùgbẹ̀

Ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ìbéèrè yẹn kò yọ orílẹ̀-èdè kankan sílẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 2018 kò tó nǹkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ní irú rẹ̀ tí wọ́n sì ń rí físà gbà. "Rárá" tí kì í ṣe òótọ́ ló ń di ẹ̀tàn, àwọn ìjọba yìí sì máa ń fún ara wọn ní ìsọfúnni. Ẹ kọ oṣù àti ọdún, ẹ kọ pé físà àlejò ni, ẹ kọ ìdí tí wọ́n sọ, tí màmá bá rántí.

Ẹ rántí pé bí wọn ò bá fún màmá ní físà yìí, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún físà àlejò. Kí èèyàn tún béèrè, kó tún san owó, ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì kọ nísinsìnyí ni wọ́n máa fi wé èyí tó bá tẹ̀ lé e.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò ni wọ́n ti lè kọ fọ́ọ̀mù, ìdáhùn sì máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìtẹ̀ka, tí kò bá sí ìdíwọ́. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni àjọ máa bọ́ sọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́, kí alájọ kọ lẹ́tà rẹ̀, kí ẹ wá kọ fọ́ọ̀mù ní àárín oṣù náà.

---

Àbẹ̀ní

Màá pe màmá lálẹ́ òní kí wọ́n wá páspọ́tù àtijọ́ yẹn jáde. Ajẹ́ńtì ti gba ìdajì owó rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó máa dá a padà.

---

Ìyá Ìbejì

Bó dá a padà, bí kò dá a padà, tí páspọ́tù màmá bá wà lọ́wọ́ ajẹ́ńtì yẹn, kí wọ́n gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú.